Ọdún Méjìlá Tí Kò Dín

Bí ohun kan bá wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí, ìṣirò ni mo mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn. Kì í ṣe pé mo ń fọ́nnu. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè ni mo ti ń ṣe é, ọmọ tó bá sì gba ọwọ́ mi kọjá kì í sá fún x mọ́. Ẹnu mi mú díẹ̀, inú mi sì tètè máa ń ru, gbogbo ilé wa ló mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì mí máa mọ̀ ọ́n dandan ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di onírọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ọdún méjìlá ni ẹ̀gbọ́n mi sì fi jù mí lọ. Ìyá wa kú lọ́dún tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Oko tó wà lápá Orílẹ̀-Òwu ni bàbá wa fi ṣe ilé, ìgbà tí wọ́n bá ráyè nìkan là ń rí wọn. Lásìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń múra láti tún ìdánwò ìṣirò wọn ṣe, torí òun nìkan ló kù tí wọn ò yege nínú ìwé mẹ́wàá wọn. Wọ́n pa á tì. Àwọn ni wọ́n gbé àpótí mi rù lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́, torí pé ibẹ̀ là ń sùn, àwọn náà ni wọ́n ń wá wò mí lóṣooṣù. Nígbà tó yá, wọ́n lọ́kọ sí Àpòmù, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n pa tì ò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n wọlé wá bá mi ní Ìkirè. Mo gbé dòdò síwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

“Ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa ti sọ ọ́,” wọ́n ní. “Tíṣà tí ò bá tíì wọlé fún NCE nígbà tí a bá máa bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, kó gbé kíláàsì sílẹ̀. Wọn ò sì ní gbà mí wọlé láìsí kírẹ́dì nínú ìṣirò.”

“Ẹ ṣì lè ṣe é, Àǹtí mi.”

“Mo ti ṣe é tì, ìwọ náà mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ò tiẹ̀ le. Èyí tí wọ́n fi ń bi èèyàn ní ọjọ́ orí yẹn ló ń gbé mi lulẹ̀. Bàbá jẹ́ báyìí, ọmọ jẹ́ báyìí, tó bá di ọdún báyìí. Tí mo bá ti rí i, ara mi á kàn tutù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn tiẹ̀ rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n lọ fi ọkàn balẹ̀. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá ní mo ti wẹ ẹsẹ̀ mi tán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo kọ ìbéèrè kan fún wọn: ọjọ́ orí bàbá kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún sí i, á di ìlọ́po méjì ti ọmọ náà. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn báyìí?

Ẹ̀gbọ́n mi fi bírò gbá ẹ̀kẹ́ wọn díẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí bàbá jẹ́ x. Ọmọ wá di ìdámẹ́rin x. Mo ṣe sùúrù. Wọ́n fi ogún kún ti bàbá, wọ́n ní ó dọ́gba pẹ̀lú ìlọ́po méjì ti ọmọ, ni wọ́n bá kọ x + 20 = 2(x/4). Wọ́n ṣe é síwá, wọ́n ṣe é sẹ́yìn, wọ́n sì dé ìdáhùn. Bàbá jẹ́ máínọ́ọ̀sì ogójì.

“Àǹtí mi, ẹ wo bàbá yìí dáadáa,” mo ní. “Ó ku ogójì ọdún kí wọ́n tó bí i, ó sì ti lọ́mọ.”

Àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí nǹkan sú ni. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀. Èkíní, ọ̀dọ̀ ọmọ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ bá jẹ́ x, bàbá á jẹ́ 4x, kò sí ìdá kankan tí á máa dà wọ́n láàmú.

“Báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tí bàbá ẹ̀ wà ńlẹ̀?” wọ́n ní. “Ta ló bí ta?”

Wọn ò ṣeré. Nílé tiwa, ẹni tó dàgbà jù là ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, òun là ń kọ́kọ́ kí, orúkọ rẹ̀ ló sì ń ṣíwájú nínú ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì mi náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí bàbá àti ọmọ bá wà nínú ìbéèrè, bàbá ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní x, àfi bí ẹni ń fún un ní àga.

“Àwọn ọmọ yín, tí wọ́n bá tò ní àárọ̀ kí wọ́n tó wọ kíláàsì, ta ló ń dúró níwájú?”

“Èyí tó kéré jù.”

“Ṣé pé ẹ ò bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà inú wọn ni?”

“Ká lè rí gbogbo wọn ni.”

“Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Ẹ fi ọmọ síwájú ká lè rí bàbá.”

Wọ́n gba ìyẹn. Èkejì ló fẹ́ pa wá. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fi ogún kún ọjọ́ orí bàbá tí wọn ò fi kún ti ọmọ. Wọ́n ní ìbéèrè ò sọ pé ọmọ dàgbà, bàbá ló ń sọ. Mo ṣàlàyé. Mo kọ ìbéèrè mìíràn, ni wọ́n bá tún fi ọdún kún ti àgbà, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ níbi tó wà. Mo ṣàlàyé, mo tún kọ òmíràn. Wọ́n tún fi ọmọ sílẹ̀. Ní ti òtítọ́, ara mi ti gbóná.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà nítorí Ọlọ́run!” Ohùn mi ti lọ sókè. “Ọdún tó ń gorí bàbá yìí, ṣé kì í gorí ọmọ ni?”

Wọ́n pa ìwé dé. Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n dìde dúró, wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́.

“Ohun yòówù kí o mọ̀, ọdún méjìlá ni mo fi jù ọ́ lọ. Nígbà tí o ń rákò, ọdún méjìlá ni. Lónìí tí o di tíṣà, ọdún méjìlá ni. Tí ìwọ náà bá di arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ tẹ̀, ọdún méjìlá náà ni. O ò lè bá mi. Má pariwo mọ́ mi.”

Wọ́n jáde. Èmi náà jókòó, mo wú bí àkàrà inú epo. Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé kí wọ́n máa lọ, pé èèyàn ń ṣe wọ́n lóore, wọ́n ń ka ọjọ́ orí sí mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé nílẹ̀. Ibi tí mo ti ń kó o ni ọ̀rọ̀ wọn ti padà wá sí mi létí, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe létí àbúrò, létí tíṣà ni. Nígbà tí mo ń rákò, méjìlá. Lónìí, méjìlá. Lọ́jọ́ ogbó, méjìlá. Ohun tí mo ti ń wá láàárọ̀ láti fi yé wọn, àwọn fúnra wọn ló fi bú mi yẹn.

Mo gbé bàtà sí ẹsẹ̀, mo mú ìwé àti bírò, mo sáré tẹ̀ lé wọn lọ sí gáréèjì. Wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ Àpòmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.

“Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“Èyí tí ẹ ní mi ò lè bá yín.”

Wọ́n wò mí bóyá orí mi pé. Awakọ̀ na ọrùn jáde. “Madam, you dey go abi you no dey go?” Ẹ̀gbọ́n mi wo awakọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ lọ. A jókòó sórí àga pákó tí àwọn tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì máa ń jókòó lé, mo sì tẹ́ ìwé sórí orúnkún wọn.

“Ọdún tí bàbá yẹn fi ju ọmọ rẹ̀ lọ, ṣé ó lè dín?”

“Kí ló máa mú un dín?”

“Ṣé ó lè pọ̀ sí i?”

“Kò lè pọ̀ sí i.”

“Ó dáa. Lónìí, bàbá jẹ́ ìpín mẹ́rin, ọmọ jẹ́ ìpín kan. Ìpín mélòó ni bàbá fi ju ọmọ lọ?”

“Mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́ta ọjọ́ orí ọmọ.”

“Ẹ kọ ọ́. 3x. Lẹ́yìn ogún ọdún, bàbá jẹ́ ìpín méjì, ọmọ jẹ́ ìpín kan. Mélòó ló fi jù ú lọ?”

“Ọ̀kan. Iye tí ọmọ náà bá jẹ́ nígbà yẹn gan-an.” Bírò dúró lójú ìwé. “Mo ń bọ̀. Ìyẹn ni pé mo gbọ́dọ̀ mọ iye tí ọmọ máa jẹ́ nígbà yẹn. Ọmọ á ti fi ogún dàgbà sí i.”

Mo kó ẹnu mi ní ìjánu. Ó ṣòro fún mi, ṣùgbọ́n mo kó o ní ìjánu.

Wọ́n kọ x + 20. Wọ́n wo 3x tó wà lókè, wọ́n wo x + 20 tó wà nísàlẹ̀. “Àlàfo kan náà sì ni méjèèjì,” wọ́n ní, wọ́n fa ìlà dọ́gbadọ́gba sí àárín wọn. 3x = x + 20. Wọ́n yọ x kan kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, ó ku 2x = 20. Ọmọ jẹ́ mẹ́wàá. Bàbá jẹ́ ogójì. Wọ́n fi ogún kún ti àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn: bàbá di ọgọ́ta, ọmọ di ọgbọ̀n, ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́ sì ni. Àlàfo ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, àlàfo ọgbọ̀n ọdún lónìí.

“Háà,” wọ́n ní, jẹ́jẹ́. “Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó nínú gáréèjì yẹn. Mo ra omi tútù fún àwa méjèèjì, wọ́n sì wọ ọkọ̀ mìíràn.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán. Lọ́jọ́ kan mo fún wọn ní ìyá àti ọmọbìnrin tí àpapọ̀ ọjọ́ orí wọn jẹ́ àádọ́ta, tó sì jẹ́ pé lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ìyá jẹ́ ìlọ́po méje ti ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, wọ́n ní àpapọ̀ wọn nígbà náà jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi.

“Dúró. Èèyàn méjì ni wọ́n. Bí ọdún márùn-ún ṣe kúrò lára ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ló kúrò lára ọmọ. Mẹ́wàá ló máa kúrò.” Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ ogójì. “Ìyá kó méje, ọmọ kó ọ̀kan, ìpín mẹ́jọ nìyẹn. Márùn-ún ni ọmọ nígbà náà. Ó ti di mẹ́wàá báyìí, ìyá ẹ̀ jẹ́ ogójì.”

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bí àwọn tó ń máàkì ṣe ń fẹ́ rí i. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n kọ x fún ọmọ, 50 − x fún ìyá, wọ́n sì kọ 45 − x = 7(x − 5). Ọ̀nà méjèèjì gbé wọn dé ilé kan náà.

Èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ti já a ni èyí tí mo fi dẹ páńpẹ́ fún wọn. Mo ní bàbá jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, ọmọ jẹ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n sọ iye ọdún tó kù kí bàbá tó di ìlọ́po mẹ́rin ọmọ. Ìdọ́gba wọn gún régé, x sì já sí máínọ́ọ̀sì mẹ́rin. Mo ń retí kí ara wọn tutù. Wọ́n kàn fẹ̀yìn ti àga.

“Kò ku ọdún kankan,” wọ́n ní. “Ó ti kọjá. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, nígbà tí bàbá jẹ́ ogójì, tí ọmọ jẹ́ mẹ́wàá. O kàn fẹ́ tàn mí jẹ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ pé ìdáhùn ò dáa, bíi ti bàbá tí wọn ò tíì bí níjọ́sí?”

“Ìyẹn, ọjọ́ orí ẹ̀ ló jẹ́ máínọ́ọ̀sì. Èyí, iye ọdún tí à ń retí ni. Tí ohun tí à ń retí bá ti kọjá, máínọ́ọ̀sì náà ló máa jẹ́.”

Mo gbé dòdò wá, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátá.

Wọ́n ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn ò sọ ju pé ìbéèrè ọjọ́ orí kan wà níbẹ̀ àti pé àwọn ò fi ọmọ sílẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ìdúró bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ ti ń wá ẹni tó máa gba kíláàsì wọn bí èsì ò bá dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn dáadáa lásìkò yẹn, ọkọ wọn ló sọ fún mi. Èmi ń sùn ní tèmi. Mo mọ ohun tí mo kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo gba Àpòmù lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ọmọ ti lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù nínú kíláàsì, láàárín àwọn àga kéékèèké. Wọ́n ní àwọn ò lè wò ó fúnra àwọn. Mo fi fóònù mi wò ó. Kírẹ́dì ni.

Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n sì jókòó sórí ọ̀kan nínú àga àwọn ọmọ náà, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Wọ́n sunkún díẹ̀. Èmi náà sunkún, n ò ní purọ́. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n dìde, wọ́n sì mú ṣọ́ọ̀kì.

“Ó kàn mí láti bi ọ́ ní tèmi,” wọ́n ní. “Ọjọ́ orí mi lónìí jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí o jẹ́ nígbà tí èmi jẹ́ iye tí ìwọ jẹ́ lónìí. Ọdún méjìlá ni mo fi jù ọ́ lọ. Ọmọ ọdún mélòó ni wá?”

Ó wù mí láti sọ pé mo mọ ọjọ́ orí ara mi. Ṣùgbọ́n mo gba ṣọ́ọ̀kì, torí ìbéèrè náà dára. Mo kọ x fún ara mi àti x + 12 fún wọn. Kí wọ́n tó lè jẹ́ x, a gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn ní ọdún méjìlá, èmi náà á sì jẹ́ x − 12. Nítorí náà x + 12 = 2(x − 12). Mo ṣí àkámọ́, mo kó x sápá kan. Mo jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, wọ́n jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, mo jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì ni méjìdínláàádọ́ta.

“Ó dáa,” wọ́n ní. “Má tíì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Máa padà lọ sẹ́yìn. Nígbà tí mo jẹ́ mẹ́rìnlélógún?”

“Mo jẹ́ méjìlá.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún tí ìyá wa kú ni. Ọdún tí wọ́n gbé àpótí mi rù. “Ìlọ́po méjì.”

“Nígbà tí mo jẹ́ méjìlá?”

Mo kọ òdo. “Ọdún yẹn ni wọ́n bí mi.”

“Ìlọ́po mélòó òdo ló máa di méjìlá?”

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ òdo náà. “Kò sí, Àǹtí mi. Kò sí iye tí èèyàn lè fi sọ òdo di púpọ̀ tó máa di méjìlá.”

“Ṣùgbọ́n mo fi jù ọ́ lọ lọ́jọ́ náà.”

“Ọdún méjìlá.”

“Ọdún méjìlá,” wọ́n ní. “Èmi ni mo pọ̀n ọ́ wọlé láti ilé ìwòsàn. Ìyá wa ní kí n rọra.”

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì nu pátákó mọ́ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n bi mí bóyá mo máa lè tẹ̀ lé àwọn lọ́jọ́ tí àwọn bá ń lọ wọlé fún NCE, torí pé àwọn ò mọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Mo ní màá tẹ̀ lé wọn. Mo ní èmi ni màá gbé àpótí wọn.